Ìgbà Tó Yẹ Kí Ẹja Wọ Inú Ọbẹ̀, àti Ohun Tó Ń Mú Un Fọ́

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta nílùú Ìbàdàn nípa ìgbà tó yẹ kí ẹja wọ inú ọbẹ̀ ata, ó ṣeé ṣe kí ẹ gba ìdáhùn mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ á ní kí ẹ fi í sí i nígbà tí ata ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, kí adùn ata lè wọ ẹja náà lára. Ẹnì kejì á ní ìgbẹ̀yìn pátápátá ló yẹ, nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ ìkòkò kalẹ̀. Ẹnì kẹta á ní ẹja tí a kò bá dín kò ní ṣàìfọ́, ohun yòówù kí a ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ẹja tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mu, ìṣòro ibẹ̀ kàn ni pé kì í ṣe ẹja kan náà ni wọ́n ní lọ́kàn. Èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni òkú Èkó, ìyẹn ẹja inú yìnyín, pàápàá jù lọ Títọ́ọ̀sì, tí a sè ní tútù nínú ọbẹ̀ ata láìdín in. Òun ni ọ̀pọ̀ ilé ń rà ní Bódìjà àti ní àwọn ọjà yòókù, òun náà sì ni ó máa ń dà rú mọ́ àwọn tó ń kọ́ oúnjẹ sísè lọ́wọ́ jù. N óò mẹ́nu ba àwọn ẹja yòókù bí ọ̀rọ̀ bá kàn wọ́n.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń mú ẹja fọ́. Bí ẹ bá wo ẹja tó ti jinná dáadáa, ẹ ó rí i pé ẹran ara rẹ̀ kò rí bíi ti màlúù, tó jẹ́ fọ́nrán gígùn-gígùn tí a lè máa fà ya. Abala pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni ẹran ara ẹja, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láti ọrùn títí dé ìrù. Láàárín abala kan àti èkejì, awọ kan wà tó fẹ́lẹ́ gan-an, òun ló so wọ́n pọ̀, bí amọ̀ ṣe ń so bíríkì mọ́ bíríkì lára ògiri. Nínú ẹran màlúù, awọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí yi, ó sì lágbára, ìdí nìyẹn tí a fi lè se ẹran fún wákàtí méjì kó tó rọ̀. Ti ẹja kò rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 50°C sí 60°C ni ó ti ń yọ́, omi tó ń hó nínú ìkòkò yín sì ti dé 100°C. Ní ìwọ̀n ìgbóná kan náà yìí ni ẹran ẹja fúnra rẹ̀ ń jinná, èyí tó túmọ̀ sí pé àsìkò tí ẹja jinná àti àsìkò tí ohun tó so ó pọ̀ ń tú kò jìnnà síra rárá. Bí a bá ń sè é lọ lẹ́yìn ìgbà náà, kò ní rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ bíi ti ẹran. Ńṣe ni àwọn abala náà yóò máa fún omi ara wọn jáde, wọn yóò gbẹ, wọn yóò sì máa já kúrò lára ara wọn.

Ṣùgbọ́n ìgbóná nìkan kì í fọ́ ẹja. Ẹja tó ti jinná ju bó ṣe yẹ lọ lè wà lódindi nínú ìkòkò bí ohunkóhun kò bá fọwọ́ kàn án. Ohun tó ń fọ́ ọ gan-an ni mímì àti rírò tó bá a lẹ́yìn tí awọ yẹn ti yọ́. Ṣíbí tí a fi ń ro ọbẹ̀ wà lára ohun tó ń mì ín, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í kà sí ni híhó ọbẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ọbẹ̀ tó ń hó kutukutu ń gbé ẹja sókè, ó ń jù ú sílẹ̀, ó sì ń fi í gbá etí ìkòkò láìdáwọ́ dúró. Nítorí náà, ẹni tó fi ẹja sínú ata nígbà tí ata ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó ti jẹ́ kí ẹja pẹ́ nínú iná, ó sì tún fi í sí àsìkò tí ó pọn dandan kí ó máa ro ata kó má baà jóná nísàlẹ̀. Kò sí bí ẹja náà ṣe lè yè é.

Kí wá ni ká ti wí nípa adùn ata tí wọ́n ní yóò wọ inú ẹja? Mo gbà pé èrò yìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tètè fi ẹja sí ọbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ọkàn balẹ̀ lórí rẹ̀. Ata àti òróró kì í wọ inú ẹran ẹja lọ jìnnà, bó ti wù kó pẹ́ nínú ìkòkò tó. Bí ẹ bá gé ẹja tí wọ́n sè fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí méjì, ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ lóde pupa, inú rẹ̀ sì funfun síbẹ̀. Ohun tó ń wọ inú ẹja gan-an ni iyọ̀, iyọ̀ kò sì nílò iná kó tó ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ kàn fi í pa ẹja lára ṣáájú kí ẹ sì fún un láyè ni. Ní ti adùn ẹja tó yẹ kó wọ inú ọbẹ̀, orí àti egungun ló ń mú un wá jù, ẹ sì lè se àwọn wọ̀nyẹn lọ́tọ̀, kí ẹ wá fi omi wọn sí ata. Bí a bá ti pín iṣẹ́ náà báyìí, kò tún sí ìdí kankan fún abala ẹja láti pẹ́ nínú ìkòkò.

Ìmúrasílẹ̀ ẹja bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ẹja tí yìnyín rẹ̀ ti yọ́ tán tí wọ́n sì tún dá a padà sínú fíríìsà kí ó tún dì ti bàjẹ́ nínú kó tó dé ọwọ́ yín, nítorí pé yìnyín tó ń dì nínú ẹran ara rẹ̀ ń bẹ́ ẹ níbi púpọ̀. Pẹ̀lú bí iná mànàmáná ṣe ń ṣe ní ìlú wa, kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Ẹ wo bí ẹja náà ṣe dì. Bí àwọn ẹja inú páálí bá ti lẹ̀ mọ́ra wọn pẹlẹbẹ bí ohun tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yìnyín tó wà láàárín wọn sì pọ́n bí omi ẹ̀jẹ̀, ó ti yọ́ rí. Bí ikùn rẹ̀ bá ti bẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì mú ẹja délé tí ó yọ́, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́. Bí ojú ibi tí ẹ tẹ̀ bá rú padà, ó ṣeé sè ní tútù. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni ojú ìka yín dúró síbẹ̀, ẹ má ṣe dán an wò nínú ọbẹ̀ láìdín in. Bí ó bá tún ní òórùn, ẹ dà á nù, nítorí pé májèlé tó máa ń wà nínú Títọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ nínú ooru kì í kú sínú iná.

Omi tútù ni kí ẹ fi yọ yìnyín ara rẹ̀, kí ẹja náà sì wà nínú ọ̀rá, nítorí pé omi gbígbóná yóò ti máa se ara rẹ̀ lóde nígbà tí inú rẹ̀ ṣì dì. Ẹ má sì dúró dìgbà tí yóò yọ́ tán kí ẹ tó gé e. Ìgbà tí ọ̀bẹ bá ti lè wọlé ṣùgbọ́n tí àárín rẹ̀ ṣì le díẹ̀ ló dára jù, nítorí pé ọ̀bẹ á kọjá geere láìfa ẹran ya, ibi tó bá sì ti ya lábẹ́ ọ̀bẹ ni yóò kọ́kọ́ là nínú ìkòkò. Ẹ gé e ní ìbú kọjá egungun ẹ̀yìn, kí abala kọ̀ọ̀kan nípọn tó ìka méjì tí a tò pọ̀, ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí awọ rẹ̀ àti egungun àárín rẹ̀ wà níbẹ̀, torí àwọn ni yóò di abala náà mú nígbà tí awọ inú bá ti yọ́. Ẹni tó gé ẹja rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó lè pọ̀ lójú, tàbí tó là á sí méjì láti ẹ̀yìn kó sì yọ egungun rẹ̀, ti mú ohun tó yẹ kó gbé e ró kúrò.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní Títọ́ọ̀sì mẹ́ta ni ẹ rà, tí gbogbo rẹ̀ sì wọn tó kílò kan. Ẹ gé orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, kí ẹ gé ara ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, kí ẹ fọ ẹ̀jẹ̀ dúdú tó lẹ̀ mọ́ egungun ẹ̀yìn nínú ikùn kúrò, nítorí pé ó máa ń korò. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ tàbí bébà gbẹ omi ara wọn. Ẹ wọ́n iyọ̀ tó ṣíbí ìpotíì kan àti ààbọ̀ sí abala mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kí ẹ fi pa wọ́n kárí, kí ẹ sì gbé wọn sínú fíríìjì fún ogún ìṣẹ́jú. Iyọ̀ yìí yóò wọ̀ ọ́ dé inú, yóò fa omi díẹ̀ jáde, yóò sì mú kí òde ara rẹ̀ le, débi pé nígbà tó bá kan ọbẹ̀ gbígbóná, yóò tètè dì. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i nítorí òórùn, ìdajì ẹyọ kan ti tó, ìgbà tó bá sì ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni kí ẹ fún un sí i, torí bí ó bá pẹ́ lára ẹja, yóò sọ ọ́ di hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́ lẹ́nu.

Láàárín ogún ìṣẹ́jú yẹn, ẹ ti lè gbé orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kaná. Ẹ yọ àwọn nǹkan pupa tó wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja dànù, nítorí pé wọ́n máa ń ba adùn jẹ́, kí ẹ da omi ife méjì lé e pẹ̀lú àlùbọ́sà díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó hó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó sẹ́ ẹ. Omi yìí ni yóò gbé adùn ẹja wọ inú ata.

Fún ẹja kílò kan, tàtàṣé mẹ́fà, tìmátì mẹ́rin, ata rodo mẹ́ta àti àlùbọ́sà ńlá kan tó. Ẹni tó bá fẹ́ kó ta ju bẹ́ẹ̀ lọ lè fi rodo kún un. Ẹ lọ̀ wọ́n, kí ẹ se ata náà títí omi rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Ẹ gbé ìkòkò tó fẹ̀ kaná, èyí tí abala mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lè tò sí nídìí láìgun ara wọn, kí ẹ da òróró ìdajì ife sí i, kí ẹ fi àlùbọ́sà tí ẹ gé dín, kí ẹ sì da ata lé e. Láti ìgbà yìí lọ, ata nìkan ló wà lórí iná, ẹ sì lè rò ó bó ṣe wù yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: ẹja kò gbọ́dọ̀ wọlé kí ata tó dín jinná, iye ìṣẹ́jú tí yóò sì gbà kò dọ́gba láti ìdáná kan sí òmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló wọ́pọ̀. Ẹ fi etí, imú àti ojú mọ̀ ọ́n. Nígbà tí omi ṣì wà nínú ata, ńṣe ló ń ta pọ̀ọ̀-pọ̀ọ̀ tí ó sì ń ta sí ara ògiri. Bí omi inú rẹ̀ ti ń tán, ìró yẹn yóò yí padà sí ìró ohun tó ń dín, ṣáá-ṣáá, láìsí títa. Òórùn kíkan tìmátì yóò lọ. Òróró yóò yọ sí etí ìkòkò, yóò sì dúró síbẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ rò ó, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì ṣókùnkùn díẹ̀ ju bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá da ẹja sí i ṣáájú èyí, ẹ ti há sí àárín ohun méjì: bí ẹ bá dúró kí ata jinná, ẹja á fọ́, bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹja má baà fọ́, ata yóò kan lẹ́nu.

Nígbà tí òróró bá ti yọ, ẹ da omi ẹja tí ẹ sẹ́ sí i, ife kan sí ife kan àti ààbọ̀, kí ọbẹ̀ náà ṣàn díẹ̀. Ẹ fi kọ́rì, táímù, mágì àti iyọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹja ti ní iyọ̀ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì tọ́ ọ wò títí yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn. Gbogbo èèlò gbọ́dọ̀ pé sínú ọbẹ̀ nísinsìnyí, torí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí mágì lẹ́yìn tí ẹja ti wọlé yóò ní láti rò ó, rírò yẹn gan-an ni a sì ń sá fún. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ṣíbí onígi ha ìdí ìkòkò dáadáa kí ohunkóhun má lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí ibi tí ata bá ti lẹ̀ ni ẹja náà yóò ti lẹ̀.

Ẹ wá dín iná kù kí ẹ tó fi ẹja sí i. Ẹ nu omi tó ti jáde lára ẹja kúrò, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ tò wọ́n sínú ọbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àlàfo wà láàárín wọn, kí ọbẹ̀ sì dé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gíga wọn. Ẹ bu ọbẹ̀ díẹ̀ lé wọn lórí, kí ẹ fi ọmọrí dé e, kí ẹ sì ṣí i sílẹ̀ díẹ̀ kí ooru lè máa jáde. Ìwọ̀n iná tó yẹ ni èyí tí yóò mú kí ọbẹ̀ máa yọ ìfófòó kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún. Bí gbogbo ojú ọbẹ̀ bá ń mì, iná ti pọ̀. Ẹ kò nílò láti yí ẹja padà, nítorí pé ooru abẹ́ ọmọrí ni yóò se apá òkè rẹ̀.

Láàárín ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ ẹ di etí ìkòkò mú méjèèjì pẹ̀lú aṣọ ìdáná, kí ẹ sì yí i lọ yí i bọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lórí iná, kí ìdí ẹja má baà mú ìkòkò. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá di ìdajì àsìkò tí ẹja yóò lò lórí iná. Bí ẹ bá wo àwọn tó ń ta oúnjẹ tí ọwọ́ wọn ti mọ́ ọbẹ̀ ẹja, ẹ ó rí i pé ìkòkò ni wọ́n ń mì, wọn kì í ki ṣíbí bọ̀ ọ́ mọ́ lẹ́yìn tí ẹja ti wọlé. Ìkòkò náà a máa yí, ọbẹ̀ a máa yí pẹ̀lú rẹ̀, ẹja á sì wà nínú rẹ̀ láìsí ohun líle kankan tó kàn án.

Abala tó nípọn tó ìka méjì yóò jinná láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Láti mọ̀, ẹ mú igi ìtayín, kí ẹ fi gún èyí tó nípọn jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi ṣí ẹran náà díẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá ṣì ń dán bí ohun tútù tí ẹran náà sì di egungun mú, ó kù díẹ̀. Bí ó bá ti pàwọ̀ dà, tí kò dán mọ́, tí ó sì fi egungun sílẹ̀ láìjà, ó ti jinná, ẹ pa iná lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe bù ú nígbà náà. Ẹ ṣí ọmọrí, kí ẹ jẹ́ kó simi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí ìgbà tó gbóná jù ló rọ jù, bó bá sì ti ń rọlẹ̀ ni yóò máa le díẹ̀ sí i. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ bù ú, ẹ fi ìgbakọ tó tẹ́jú wọ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ gbé e, ẹ má fi ẹnu ṣíbí gé e láàárín.

Ní ti ẹja díndín, òótọ́ ni pé kì í tètè fọ́, nítorí pé òróró gbígbóná ti gbẹ òde rẹ̀ di èèpo. Ṣùgbọ́n ó ti jinná kó tó dé ọbẹ̀, nítorí náà ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ti tó o nínú ata tó ti parí. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, èèpo yẹn yóò mu omi, yóò sì bó. Lójú tèmi, Títọ́ọ̀sì tútù ló ń fún ọbẹ̀ ládùn jù, torí pé ọ̀rá ara rẹ̀ pọ̀, inú ọbẹ̀ ni ọ̀rá náà sì ń lọ, kì í ṣe inú òróró tí a fi dín in. Kọ́tẹ̀ gbẹ ju Títọ́ọ̀sì lọ, dídín sì yẹ ẹ́. Pańlá tútù ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ dín ní gbogbo ìgbà, nítorí pé ara rẹ̀ rọ̀, omi rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ìṣọ́ra inú àlàyé yìí lè má tó o. Àrọ̀ ní tirẹ̀ le, awọ rẹ̀ sì nípọn; ó lè gba ìṣẹ́jú méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí iná kékeré kan náà, bí ẹ bá ti fi iyọ̀ tàbí omi gbígbóná bọ́ yọ̀ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, tí ẹ kò sì jẹ́ kó pẹ́ nínú omi náà kí awọ rẹ̀ má baà là.

Ẹja gbígbẹ nìkan ni ìmọ̀ràn ẹni àkọ́kọ́, tó ní kí ẹja tètè wọ inú ata, bá mu. Iná àti èéfín ti se é jinná, wọ́n sì ti gba omi ara rẹ̀, ohun tó kù fún un ni kí ó mu ọbẹ̀ kí ó sì rọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná oníyọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ ṣa egungun rẹ̀, kí ẹ fọ iyanrìn kúrò, kí ẹ sì fi í sí ata nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ tí ẹja rẹ̀ wà lódindi ní alẹ́ ló máa ń di ẹja fífọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mímú un gbóná ló sì máa ń fà á. Bí ẹ bá fẹ́ mú èyí tó kù nínú fíríìjì gbóná láti fi jẹ àmàlà, ẹ kọ́kọ́ fi ìgbakọ kó ẹja jáde sínú àwo nígbà tí ó ṣì tutù tí ara rẹ̀ le. Ẹ gbé ọbẹ̀ nìkan kaná, kí ẹ jẹ́ kó hó dáadáa, kí ẹ rò ó bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà kí ẹ dín iná kù, kí ẹ to ẹja padà sí i, kí ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún títí yóò fi gbóná dé inú, kí ẹ sì pa iná.